Òkò Kan, Ìrìn Méjì: Bí A Ṣe Ń Yanjú Ìbéèrè Ohun Tí A Jù Sókè Ní Igun

Ọmọkùnrin kan tó ń múra ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì jáde síwájú pátákó lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti yanjú ìbéèrè físíìsì tí mo kọ síbẹ̀. Ìbéèrè náà kò gùn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan lórí pápá tó tẹ́jú, ó kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú ìyára 20 m/s ní igun 30° sí ilẹ̀. Tí g bá jẹ́ 10 m/s², báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó lókè kó tó balẹ̀, báwo ni yóò ṣe ga tó, báwo ni ibi tí yóò balẹ̀ sí ṣe máa jìnnà tó sí ibi tí wọ́n ti gbá a? Ẹ̀rù ò ba ọmọ náà rárá, torí ó ti há fọ́múlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí. Kí n tó jókòó, ó ti fi 20 ṣe ìlọ́po méjì, ó ti fi 10 pín in, ó ti kọ 4 s sójú pátákó, ó sì ti yíjú sí mi.

"Ṣé ó gbà, sà?"

Kò gbà. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn, ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sókè ganranran ni, èyí tó lọ tààrà bí òpó iná tó sì padà wá bọ́ lé ẹni tó gbá a lórí. Bọ́ọ̀lù inú ìbéèrè yìí kò lọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ga ló ń lọ síwájú. Ọmọ náà ti kó gbogbo 20 fún òkè, kò wá ṣẹ́ kù kankan fún iwájú. Ọdọọdún ni mò ń rí àṣìṣe yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé, tí ìṣirò kò sì ṣòro fún. Wọ́n mọ fọ́múlà. Ohun tí kò yé wọn ni pé òkò tí a jù ní igun ń rin ìrìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Òkò ni mo pè é, torí ohun tí ìwé físíìsì ń pè ní purojẹ́tàìlì, Yorùbá ti ní orúkọ fún un tipẹ́. Òkúta tí ọmọdé sọ sí máńgòrò lórí igi, òkò ni. Bọ́ọ̀lù tí a gbá, ọta tó jáde lẹ́nu àgbá, irin rìbìtì tí àwọn eléré ìdárayá ń jù, òkò ni gbogbo wọn nínú ìdánwò, nítorí pé bí wọ́n bá ti kúrò lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀ ẹni, kò sí ohun tó tún ń tì wọ́n mọ́. Ọkọ̀ òfurufú kì í ṣe òkò ní tirẹ̀, torí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ wà lóòótọ́, ó sì máa ń dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ní pápá gidi, ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè ní ká gbójú fò ó. Tí a bá ti yọ afẹ́fẹ́ kúrò, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó ń fa òkò, ìyẹn ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ nìkan sì ni ilẹ̀ ń fà á sí. Kì í fà á sẹ́yìn, kì í tì í síwájú.

Bí ẹ bá fẹ́ fi etí ara yín gbọ́ ọ, ẹ mú òkúta wẹ́wẹ́ méjì tó dọ́gba, kí ẹ kó wọn sí etí tábìlì. Ẹ fi ìka ta ọ̀kan kó fò jáde síwájú, kí ẹ sì jẹ́ kí èkejì já bọ́ sílẹ̀ tààrà ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹ má wò wọ́n, ẹ kàn fetí sílẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá ṣe déédéé, ìró kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́. Èyí tó fò lọ síwájú balẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, èyí tó já bọ́ wà nídìí tábìlì, síbẹ̀ wọ́n jọ dé ilẹ̀ ni. Lílọ síwájú kò fi kún àkókò tí òkúta fi já bọ́, kò sì dín in kù.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìbéèrè òkò, ẹ ya bébà yín sí méjì. Apá kan jẹ́ ti òòró, ìyẹn lílọ sókè àti bíbọ̀ wálẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti ìbú, ìyẹn lílọ síwájú. Ní apá òòró, ilẹ̀ ń fa òkò, ìyára rẹ̀ sì ń yí padà ní gbogbo ìgbà. Ní apá ìbú, kò sẹ́ni tó ń fà á, ìyára rẹ̀ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Agogo kan ṣoṣo ni apá méjèèjì jọ ń lò. Òòró ló máa ń sọ fún wa ìgbà tí ìrìn parí, torí ìgbà tí òkò bá kan ilẹ̀ ni ìrìn parí. Ìbú á wá yá àkókò yẹn lò láti mọ ibi tó dé.

Ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe ni ká pín 20 yẹn. Tí u bá jẹ́ ìyára tí òkò fi gbéra, tí θ sì jẹ́ igun rẹ̀ sí ilẹ̀, ìyára òòró ni u sin θ, ìyára ìbú ni u cos θ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gbàgbé èwo ni ti èwo, wọ́n á wá máa ta tẹ́tẹ́ nínú ìdánwò. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ara yín pé bí wọ́n bá ju òkò náà sókè ganranran, ní 90°, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ìyára rẹ̀ ló yẹ kó lọ sókè, kí ohunkóhun má lọ síwájú. Ẹ sì mọ̀ pé sin 90° jẹ́ 1, cos 90° jẹ́ 0. Sin ló ní òkè nìyẹn. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ti bá yín dá a lẹ́jọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí wọ́n ti wọn igun náà. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lórí pé láti ilẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe ìdánwò á kọ ọ́ pé igun náà jẹ́ 30° sí òòró. Òkò yẹn ti nà sókè gan-an nìyẹn, 60° ló fi ga sí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú gbólóhùn ló yàtọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìdáhùn ló máa yí padà. Ìgbà tí mo bá rí irú rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ yọ igun náà kúrò lára 90, màá sì kọ igun tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí bọ́ọ̀lù wa. Ìyára òòró jẹ́ 20 × 0.5, ìyẹn 10 m/s. Ìyára ìbú jẹ́ 20 × 0.866, ìyẹn 17.32 m/s. Ọmọ tó wà níwájú pátákó wò ó, ó ní, "Sà, 10 àti 17.32 kò parapọ̀ jẹ́ 20." Òótọ́ ló sọ, inú mi sì dùn pé ó rí i. Wọn kò ní parapọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà tí wọ́n dojú kọ kò jọra. Ẹni tó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìlà oòrùn, tó tún rin mẹ́rin sí àríwá, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ló fi jìnnà sí ibi tó ti gbéra, kì í ṣe méje. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ pín in dáadáa, ẹ sọ ìkọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀ kí ẹ tó rò wọ́n pọ̀. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100, 17.32 lọ́nà 17.32 jẹ́ 300, àpapọ̀ wọn jẹ́ 400, tí í ṣe 20 lọ́nà 20.

Wàyí o, àkókò. Bọ́ọ̀lù ń lọ sókè pẹ̀lú 10 m/s, ilẹ̀ sì ń gba 10 m/s lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí g = 10 m/s² túmọ̀ sí gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní ìyára òkè kankan mọ́. Ó ti dé ṣóńṣó nìyẹn. Láti ibẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan náà ló sì máa fi dé ilẹ̀, torí ibi tó ti gbéra àti ibi tó balẹ̀ dọ́gba. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2 s. Ẹ ò rí i pé a kò tíì lo fọ́múlà kankan?

Gíga rẹ̀ náà ò le. Nígbà tó ń lọ sókè, 10 m/s ló fi bẹ̀rẹ̀, 0 ló fi parí, ìwọ̀n àárín wọn sì jẹ́ 5 m/s. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi rìn ín, nítorí náà mítà 5 ló ga. Ní ti jíjìnnà, ìyára ìbú kò yí padà, 17.32 m/s ló ń bá a lọ fún 2 s gbáko, ìyẹn 34.64 m. Ìdí tí mo fi ń lo 2 s níbí tí n kò lo 1 s ni pé bọ́ọ̀lù ń lọ síwájú nígbà tó ń gòkè, ó sì ń lọ síwájú nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi 1 s ṣe é máa rí 17.32 m. Kò sì lè mọ̀ pé òun ti ṣìnà, torí nọ́mbà náà dà bí ohun tó lè jẹ́ òótọ́. Ìdajì ọ̀nà ló wọ̀n yẹn, ìyẹn ibi tó wà lábẹ́ ṣóńṣó.

Ọ̀rọ̀ ṣóńṣó yìí nílò ká dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń dẹ pakúté fún àwọn ọmọ wa. Ìbéèrè á ní, kí ni ìyára òkò náà nígbà tó wà ní ibi tó ga jù? Ọ̀pọ̀ á yan òdo, òdo á sì wà láàárín àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò sílẹ̀ fún wọn. Ìyára òòró ló di òdo níbẹ̀. Ìyára ìbú ṣì wà bó ṣe wà, nítorí náà ìyára bọ́ọ̀lù wa ní ṣóńṣó jẹ́ 17.32 m/s. Bí ìyára rẹ̀ bá di òdo lóòótọ́, á dúró lójú òfurufú fún ìgbà díẹ̀ ni, á wá já bọ́ tààrà bí àgbọn, a kò sì rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní igun bí èyí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Bákan náà, ilẹ̀ ò sinmi fífà á níbẹ̀. g ṣì jẹ́ 10 m/s² ní ṣóńṣó, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nílẹ̀. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló máa dá a padà?

Ní báyìí, a lè wá kọ fọ́múlà, ẹ ó sì rí i pé ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe náà ni, kìkì pé lẹ́tà ló rọ́pò nọ́mbà:

```
T = 2u sin θ / g
H = u² sin² θ / 2g
R = u² sin 2θ / g
```

T ni gbogbo àkókò tí òkò lò lókè, H ni ibi tó ga dé, R ni bó ṣe jìnnà tó. Ẹ wo sin nínú H àti sin nínú R dáadáa. Nínú H, ẹ wá sin igun náà, kí ẹ wá sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po ara rẹ̀: 0.5 lọ́nà 0.5, ìyẹn 0.25. Nínú R, igun ni ẹ ó kọ́kọ́ sọ di ìlọ́po méjì kí ẹ tó wá sin rẹ̀: 30° di 60°, sin 60° jẹ́ 0.866. Ẹni tó bá wá sin 30° tó sì fi 2 lọ́po rẹ̀ máa rí 1, ìdáhùn rẹ̀ á wá jẹ́ 40 m dípò 34.64 m. 40 m yìí burú ju àṣìṣe lásán lọ, torí pé òun gan-an ni ibi tó jìnnà jù tí bọ́ọ̀lù oní 20 m/s lè dé. Yóò wà láàárín àwọn ìdáhùn, yóò sì máa pe akẹ́kọ̀ọ́ wá.

Àṣìṣe mìíràn wà tí kì í ṣe ti orí, ti kakulétọ̀ ni. Ní òkè ojú rẹ̀, ẹ máa rí lẹ́tà kékeré kan, `D`, `R` tàbí `G`. `D` ló dúró fún dígírì, òun nìkan ni ẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ `R` ló wà níbẹ̀, sin 30 máa di −0.988, àkókò bọ́ọ̀lù yín á wá jẹ́ nǹkan bíi −3.95 s, ẹ ó sì tètè mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, torí kò sí bọ́ọ̀lù tó ń balẹ̀ kí wọ́n tó gbá a. `G` ló léwu jù. Ó máa fún yín ní 0.454 dípò 0.5, àkókò á jẹ́ 1.82 s, kò sì sí ẹni tó máa fura. Kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè kankan lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ tẹ sin 30. Bí kò bá jẹ́ 0.5, ẹ tún un ṣe. Ní ti Jáàmbù, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú kakulétọ̀ tirẹ̀ wọlé, nítorí náà ó yẹ kí sin àti cos 30°, 45° àti 60° wà lórí ahọ́n yín: 0.5 àti 0.866 fún 30°, 0.707 fún méjèèjì ní 45°, 0.866 àti 0.5 fún 60°.

Ẹ wo àwọn nọ́mbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ìdáhùn ìbéèrè kan tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú wà nínú wọn. Kí ló dé tí òkò tí a jù ní 30° àti èyí tí a jù ní 60° fi máa ń balẹ̀ sí ojú kan náà? Ẹ gbá bọ́ọ̀lù wa ní 60°. Ìyára òòró rẹ̀ di 17.32, ìyára ìbú di 10. Nọ́mbà méjèèjì kàn pààrọ̀ ipò ni. Ó máa pẹ́ lókè, 3.46 s, ṣùgbọ́n kò ní yára lọ síwájú. 3.46 lọ́nà 10 sì jẹ́ 34.6 m, ojú ìbalẹ̀ kan náà. Bọ́ọ̀lù 30° sáré ṣùgbọ́n kò pẹ́, ti 60° pẹ́ ṣùgbọ́n kò sáré. Ohun tó yàtọ̀ gédégbé ni gíga wọn: ti àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 5, ti èkejì jẹ́ mítà 15. Igun méjì èyíkéyìí tí àpapọ̀ wọn bá jẹ́ 90° ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, 20° àti 70°, 40° àti 50°. Bí ìbéèrè bá fún yín ní R tó sì ní kí ẹ wá igun, kakulétọ̀ máa fún yín ní ẹyọ kan péré. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára 90 kí ẹ tó rí ìkejì rẹ̀.

Láàárín àwọn ìbejì wọ̀nyí, igun kan wà tí kò ní ìkejì, 45°. Ibẹ̀ ni ìyára òòró àti ti ìbú ti dọ́gba, 14.14 àti 14.14, ibẹ̀ náà ni òkò ti ń jìnnà jù. Ó lo 2.83 s, ó sì lọ 40 m. Ẹ fẹ́ mọ ìdí rẹ̀? Sin kò lè ju 1 lọ, sin 2θ sì máa ń di 1 nígbà tí 2θ bá jẹ́ 90°. Nítorí náà R tó pọ̀ jù jẹ́ u²/g, kò sí igun kankan nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń yin àgbá lójú ogun ní Yúróòpù ti fi ojú rí i pé 45° ló máa ń gbé ọta jìnnà jù, kí Gàlílíò, ọmọ Ítálì, tó wá fi ìṣirò là á yé aráyé nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1638. Nínú ìdánwò, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé ibi tó jìnnà jù tí òkò kan lè dé jẹ́ 40 m, ẹ wá ìyára rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá igun káàkiri ìbéèrè, kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ náà "jìnnà jù" ló gbé igun náà pamọ́. u² jẹ́ 40 × 10, u jẹ́ 20 m/s, ìbéèrè parí.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Fọ́múlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn wà fún òkò tó gbéra nílẹ̀, tó sì balẹ̀ sí ilẹ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú ibi tó ti gbéra. H ṣì lè wúlò fún gíga tó fi ju ibi ìgbéra lọ. T àti R kò wúlò mọ́ bí ibi ìbalẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tàbí bó bá ga. Ìgbà tí ẹ bá rí òrùlé, òkè, afárá tàbí bèbè nínú ìbéèrè, ẹ gbé fọ́múlà T àti R jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ padà sórí ìrìn méjì.

Ìbéèrè kejì tí mo fún ọmọ náà nìyẹn. Ìyára kan náà, igun kan náà, ṣùgbọ́n lórí òrùlé ilé tó ga ní mítà 15 ni ẹnì kan ti sọ òkúta yìí, ìsàlẹ̀ ló sì balẹ̀ sí. Ó ti fẹ́ kọ 2 s. Mo ní, "Lẹ́yìn 2 s, ibo ni òkúta yẹn wà?" Ó ronú díẹ̀. "Ó ti padà wá sí ìwọ̀n òrùlé, sà. Kò tíì délẹ̀." Ojú rẹ̀ là.

Ní apá òòró, a fi àmì ìròpọ̀ fún òkè, a sì fi àmì ìyọkúrò síwájú ohun tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀. Ìyára òòró jẹ́ 10, ilẹ̀ ń fà á sí ìsàlẹ̀, ibi tó balẹ̀ sí sì fi mítà 15 rẹlẹ̀ ju ibi tó ti gbéra lọ. Tí s bá jẹ́ bó ṣe ga sí ibi ìgbéra, tí t sì jẹ́ àkókò:

```
s = (u sin θ)t − ½gt²
−15 = 10t − 5t²
t² − 2t − 3 = 0
(t − 3)(t + 1) = 0
```

Ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀ jù ni àmì tó wà níwájú 15. Bí ẹ bá kọ 15 láìsí àmì ìyọkúrò, ohun tí ẹ ń béèrè ni ìgbà tí òkúta fi mítà 15 ga ju òrùlé lọ, mítà 5 péré ló sì lè gà jù ú. Ìṣirò yín á kọ̀ láti ní ìdáhùn, gbòǹgbò nọ́mbà òdì lẹ máa bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe máa mọ̀ pé àmì ti bọ́.

Ọmọ náà rí 3 àti −1. Ó bi mí pé kí ni −1 yẹn ń ṣe níbẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, torí ọ̀pọ̀ kàn máa ń pa á rẹ́ láìbéèrè. Àwọn baba wa máa ń ki Èṣù pé ó sọ òkò lónìí, ó pa ẹyẹ lánàá. Ìṣirò kò mọ̀ pé ènìyàn wà lórí òrùlé. Ipa ọ̀nà òkò nìkan ló mọ̀, ó sì ń sọ fún wa pé bí òkúta yìí bá ti ilẹ̀ wá, tó wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé pẹ̀lú ìyára àti igun tí a sọ yìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú ni ì bá ti kúrò nílẹ̀. Òkò tiwa kò ti ilẹ̀ wá, nítorí náà 3 s ni ìdáhùn. Ẹ sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́nà mìíràn: ó fi 1 s gòkè ní mítà 5, ó wá di mítà 20 sí ilẹ̀, ohun tó bá sì já bọ́ láti mítà 20 máa ń lo 2 s. Ọ̀kan àti méjì, mẹ́ta. Ìbú wá yá 3 s yẹn lò: 17.32 × 3 jẹ́ 51.96 m láti ìdí ilé náà.

"Sà, bó bá jẹ́ 45° ni, kò ní jìnnà ju ìyẹn lọ?" Mo gbé ẹfun fún un pé kó wá a fúnra rẹ̀. Ìyára òòró di 14.14, ti ìbú 14.14. Ó fi fọ́múlà kuadirátíìkì wá àkókò, ó rí 3.65 s. Ó fi 14.14 lọ́po rẹ̀, ó rí 51.6 m. Ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe, 51.6 m ló tún rí. Èyí tí a jù ní 30° jìnnà ju ti 45° lọ. Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. 45° ló jìnnà jù nígbà tí òkò bá balẹ̀ sí ìwọ̀n ibi tó ti gbéra nìkan. Òkò tó wà lórí òrùlé ti ní àkókò àfikún lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn àkókò tó máa fi já bọ́ láti òrùlé dé ilẹ̀. Kò nílò láti ná ìyára rẹ̀ púpọ̀ sórí gíga mọ́ kó tó lè pẹ́ lókè, ó sàn kó ná púpọ̀ sí i sórí lílọ síwájú. Nítorí náà igun tó dára jù máa ń wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 45°, bí ibi ìgbéra bá sì ṣe ga tó ni yóò ṣe wálẹ̀ tó. Fún 20 m/s lórí mítà 15, nǹkan bíi 37° ni, òkò sì máa dé nǹkan bíi 52.9 m. Àwọn tó ń ju irin rìbìtì lórí pápá náà mọ̀ ọ́n lára, torí pé ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni wọ́n ti ń tì í jáde, ó sì ti fi nǹkan bíi mítà méjì ga sílẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn.